Ṣé jíìmù òwúrọ̀ láìfi nǹkan panu ń ba ara jẹ́?

Ní Fate, níbí ní Ìlọrin, àwọn kan ti ń gbé irin kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹni tó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì kí agogo mẹ́jọ tó lù kò ní àkókò mìíràn: bó bá ti kírun àsùbáà tán, jíìmù ló kàn. Kò ráyè oúnjẹ. Ohun méjì ló sì ń kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóminú: ṣé àìjẹun yìí kò ní ba bí ara ṣe ń sun oúnjẹ jẹ́, ṣé kò sì ní gba okun lára òun? Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀ bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wọn yàtọ̀ gan-an.

Wọ́n ní bí a kò bá jẹun láàárọ̀, ara yóò dín sísun oúnjẹ kù, yóò sì máa kó ọ̀rá pamọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ láìmi ìka, ọkàn rẹ̀ ń lù, ó ń mí, ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ tí ara ń sun lóòjọ́ ń lọ síbẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù pé yóò dín kù nìyẹn. Ní Yunifásítì Bath, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Betts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Wọ́n pín àwọn àgbàlagbà tí kò sanra sí ọ̀nà méjì. Apá kan gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tó tó 700 kálórì, ó kéré tán, kí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ tó lù. Apá kejì kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí di ọ̀sán gangan, àfi omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n wọn bí ara ṣe ń sun oúnjẹ nígbà tó ń sinmi, ìyípadà tí wọ́n rí kò ju kálórì 11 lóòjọ́ lọ. Ṣúgà tó wà nínú ṣíbí tíì kan pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ìbẹ̀rù náà ní orísun tirẹ̀. Ara máa ń dín iná rẹ̀ kù lóòótọ́ bí ebi bá pẹ́ lára rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys fi oúnjẹ tí kò tó bọ́ ọkùnrin 36 tó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda ara wọn, láti ọdún 1944 wọ 1945. Odindi oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi jẹ nǹkan bí ìdajì oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n máa jẹ. Wọ́n rù hangogo, ara wọn tutù, sísun oúnjẹ wọn sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ebi oṣù mẹ́fà nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè fi í wé ẹni tó jẹ àmàlà lálẹ́ àná tí yóò sì jẹun lágogo mẹ́sàn-án òní.

Ìdánwò Bath fi ohun mìíràn hàn tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ará jíìmù mọ̀. Àwọn tó jẹun láàárọ̀ fi nǹkan bí 442 kálórì lójúmọ́ sun ju àwọn tí kò jẹ lọ, nípa rírìn síwá sẹ́yìn àti iṣẹ́ kéékèèké ojúmọ́. Wọ́n sì jẹun jù wọ́n lọ láàárín ọjọ́, tó fi jẹ́ pé jíjẹ àti sísun fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn mu. Bí o bá gbé irin láàárọ̀ láìjẹun, tí o wá jókòó gẹlẹtẹ sídìí tábìlì títí di ọ̀sán nítorí pé ó rẹ̀ ọ́, a jẹ́ pé iná inú ara rẹ kò yí padà, ìwọ lo kàn dẹwọ́ rírìn. Ibẹ̀ ni kí o ṣọ́.

Okun ńkọ́? Ó máa ń ṣe mí bíi pé irin wúwo jù lọ́jọ́ tí n kò bá jẹun.

Kì í ṣe àlá lásán. Ṣùgbọ́n ibi tí okun náà ń gbà lọ lè má jẹ́ ibi tí o rò.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó wọn 70 kílò. Ó jẹ àmàlà àti ewédú pẹ̀lú ẹran lágogo mẹ́jọ alẹ́, ó sì dé jíìmù lágogo márùn-ún ààbọ̀. Ibi méjì ni ara rẹ̀ ń tọ́jú ṣúgà sí. Ẹ̀dọ̀ ń tọ́jú nǹkan bí 100 gíráàmù, òun ló sì ń bọ́ ọpọlọ lóru, nítorí náà ó ti dín kù púpọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣan ara ń tọ́jú nǹkan bí 400 gíráàmù, ìyẹn nǹkan bí 1,600 kálórì, oorun kì í sì í fọwọ́ kàn án. Iṣan dà bí kólò tí kò ní ibi tí wọ́n ń gbà kówó jáde fún ará ìta: ṣúgà tó bá wọ ibẹ̀, iṣan náà nìkan ló lè ná an. Wákàtí kan tó fi gbé irin kò ní tó ìdajì 1,600 yẹn. Epo ṣì wà nínú táńkì.

Kí ló wá dé tí irin fi ń wúwo? Ní Yunifásítì Loughborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, Bin Naharudin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọkùnrin 16 jọ, tí irin gbígbé ti mọ́ lára, tí oúnjẹ àárọ̀ sì jẹ́ àṣà wọn. Lọ́jọ́ kan wọ́n jẹun, lọ́jọ́ kejì omi nìkan ni wọ́n mu. Lẹ́yìn wákàtí méjì, wọ́n gbé irin lé èjìká, wọ́n sì ń lóṣòó dìde ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, wọ́n ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan títí agbára fi pin. Lọ́jọ́ tí wọ́n jẹun, ìlóṣòó 68 ni wọ́n ṣe ní ìpíndọ́gba. Lọ́jọ́ tí wọn kò jẹ, 58 ni. Irin tí wọ́n dùbúlẹ̀ gbé pẹ̀lú àyà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: 40 sí 38. Ọdún 2019 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn sì sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Ẹgbẹ́ náà tún pe ọkùnrin 22, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Lọ́tẹ̀ yìí ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dán wọn wò: ọjọ́ kan omi lásán, ọjọ́ kan ohun mímu tó ki, tó kún fún oúnjẹ afáralókun, ọjọ́ kan ohun mímu tó ki bákan náà, tó dùn lẹ́nu bákan náà, àmọ́ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Àwọn tó ń mu ún kò mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tó ki. Lọ́jọ́ omi, wọ́n lóṣòó ní ìgbà 38. Lọ́jọ́ oúnjẹ gidi, 44. Lọ́jọ́ oúnjẹ àtannijẹ, 43.

Èyí jọ mí lójú púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé àìsí ṣúgà ló ń gba okun, oúnjẹ àtannijẹ kò yẹ kó ṣe nǹkan kan. Ohun tó jọ pé ó wà níbẹ̀ ni pé ikùn wọn kún, ebi kò pa wọ́n, wọ́n sì gbà pé àwọn ti jẹun. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò jẹun lè máa gbé irin sílẹ̀ ṣáájú ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ̀ ní tòótọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ọkùnrin nìkan ni gbogbo wọn, wọn kò pọ̀, oúnjẹ àárọ̀ sì ti mọ́ wọn lára tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń ṣe jíìmù láìjẹun fún ọdún kan lè má rí ìyàtọ̀ kankan. Bí eré sísá bá sì ju wákàtí kan lọ, ọ̀rọ̀ yí padà: níbẹ̀, oúnjẹ gidi ń ṣèrànwọ́ tó ṣe é wọ̀n.

Ṣé àìjẹun kò ní jẹ́ kí n tètè yọ́ ikùn?

Nígbà tí o ń sáré láìjẹun, ọ̀rá tí ara ń sun ní wákàtí yẹn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ara yóò tún ìṣirò náà ṣe kí ọjọ́ tó pé. Brad Schoenfeld dán an wò lára ọ̀dọ́bìnrin 20 ní 2014: wákàtí kan lórí ẹ̀rọ ìsáré, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àwọn kan jẹun ṣáájú, àwọn kan kò jẹ. Gbogbo wọn ló fọn díẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Kí ni mo wá lè jẹ lágogo márùn-ún?

Ó sinmi lé iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ apá àti àyà, tàbí ogójì ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ ìsáré, omi tó. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ẹsẹ̀ àti ìlóṣòó, fi nǹkan panu. Oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn ará Loughborough ní 2019, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ẹni 70 kílò, yóò tó nǹkan bíi búrẹ́dì ègé méje, wákàtí méjì ṣáájú. Kò sí ẹni tí yóò jí lágogo mẹ́ta ààbọ̀ nítorí ìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí dàbínù mẹ́ta ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú lè pa ebi náà. Ife ògì kékeré kan tó ki díẹ̀ náà dára. Wọn kò lo ògì nínú ìdánwò ti 2020, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kíki ń ṣe nínú ikùn ni ìdánwò náà fi hàn. Fi àkàrà àti gbogbo oúnjẹ olóròóró sílẹ̀ di ẹ̀yìn jíìmù, nítorí wọ́n máa ń pẹ́ nínú ikùn, inú sì lè máa rú ọ lábẹ́ irin. Bí o bá dé ilé, ẹyin, mọ́ínmọ́ín tàbí wàrà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí iṣan rí ohun tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó bá ara tìrẹ mu, kọ iye ìlóṣòó tí o ṣe ní sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ́jọ́ tí o jẹ àti lọ́jọ́ tí o kò jẹ. Irin kan náà ni kí o lò, kí oorun rẹ sì tó lóru méjèèjì.

Nínú oṣù Ramadan, ọ̀rọ̀ omi ló ṣòro jù. Ẹni tó bá ṣe jíìmù láàárọ̀ lẹ́yìn sààrì kò ní lè mu omi tó làágùn jáde padà títí di ìṣínu. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kó sún un sí ìgbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, tàbí lẹ́yìn àṣáàmù.

Òòyì máa ń kọ́ mi. Ṣé ṣúgà ló lọ sílẹ̀?

Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò wọ́pọ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọ nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lẹ́yìn ìlóṣòó, tí ìtọ̀ rẹ sì pọ́n, ẹ̀jẹ̀ tó sọ̀ sí ẹsẹ̀ àti àìmu omi tó ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Ti ṣúgà máa ń wá pẹ̀lú ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn tútù, ebi òjijì àti ìdàrúdàpọ̀ ọkàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà ní ilé ìtajà oògùn yóò sọ bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀: ohun tó bá ti wà lábẹ́ 70 mg/dL ti lọ sílẹ̀ jù.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gba ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn bíi Daonil, kò gbọdọ̀ ṣe jíìmù láìjẹun kó tó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí oògùn náà yóò máa fa ṣúgà wálẹ̀ yálà oúnjẹ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, irin gbígbé yóò sì tún fà á sí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn ṣúgà rẹ̀ ṣáájú, kó mú ohun dídùn dání lápò, kó sì sọ fún ẹnì kan nínú jíìmù.