Ilé Oníyàrá Méjì, Iye Owó Méjì

“Fúláàtì oníyàrá méjì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ògbà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mítà tirẹ̀, omi kànga ẹ̀rọ, iná Báńdì Éè. ₦1,800,000 lọ́dún. Àpapọ̀ owó: ẹ pè. Owó àyẹ̀wò ₦5,000. Ẹni tó ti múra sílẹ̀ nìkan.”

Èmi ni mo kọ ìkéde yìí, kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹni tó bá ti wá ilé rí l'Ékòó á ti ka irú rẹ̀ títí ojú á fi máa ta á. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ ni “àpapọ̀ owó: ẹ pè.”

Owó ilé nìkan ni ₦1,800,000 tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn. Bí ẹ bá pe ajẹ́ńtì, ẹ ó gbọ́ pé kòmíṣàn tirẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦180,000. Iye kan náà ni wọ́n máa ń gbà fún ìwé àdéhùn. Ká ní onílé tún fẹ́ ₦150,000 fún owó ìdúró, tí wọ́n á fi tún ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́ ṣe, àti ₦120,000 fún ìtọ́jú ọgbà, ọdẹ àti ìdọ̀tí. Gbogbo rẹ̀ di ₦2,430,000. Ilé olówó kan ti di ilé olówó méjì. Lọ́dún kejì, tí onílé kò bá fowó lé e, ₦1,920,000 ni ẹ ó san, nítorí kòmíṣàn àti owó àdéhùn kì í ṣe ọdọọdún. Bí wọ́n bá tún béèrè wọn lọ́wọ́ yín nígbà náà, ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe.

Owó ìdúró yàtọ̀ sí èyí tó kù: owó yín ṣì ni. Òfin ilé gbígbà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó jáde lọ́dún 2011, fẹ́ kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin yẹn kan náà ló ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ṣùgbọ́n kò dé Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkejà. Ògbà wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní kí ẹ san ọdún méjì níbẹ̀ ti rú òfin.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n fi ń polówó ilé náà. “Tọ́ílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta” túmọ̀ sí ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan fún àlejò. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wò ó bóyá èyí tó wà lókè á ṣì máa dà. Ẹ bu omi náà sínú ike funfun lọ sílé. Bó bá pọ́n di ọ̀la, irin ló wà nínú rẹ̀, aṣọ funfun yín á sì sọ ọ́. “Báńdì Éè” ń tọ́ka sí àdúgbò tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, ó kéré tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan wọn di ₦225. Ẹ ra iná ₦1,000 sórí mítà yẹn kí ẹ tó san owó ilé. Lórí iye yẹn, bíi yúníìtì mẹ́rin ló yẹ kó wọlé. Bó bá kéré púpọ̀ sí iye tó yẹ, gbèsè ẹni tó kó lọ ló ń jẹ ẹ́.

Ajẹ́ńtì fẹ́ràn kó mú èèyàn wo ilé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ bá a lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ dá padà lọ lẹ́yìn òjò, kí ẹ wo ògiri fẹ́ǹsì bóyá ìlà omi wà lára rẹ̀. Ní ti ₦5,000 yẹn, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má san án. Ẹ béèrè pé ilé mélòó ló wà fún. Àwọn kan kò ní ilé kankan, owó àyẹ̀wò gan-an ni òwò wọn. Ẹ ó dá wọn mọ̀: gbogbo ilé tí ẹ bá yàn, “wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san ìyẹn ni,” ẹ wá wo òmíràn.

Àwọn mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á háyà fúláàtì fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á pè é ní tiwọn, wọ́n á sì gba owó ọdún kan lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún. Nítorí náà, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, ẹ bi í pé ta ló ń san owó ilé fún. Kí owó ilé wọ àkáǹtì onílé, kí kòmíṣàn wọ ti ajẹ́ńtì. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sì ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ pe káfíńtà lọ́jọ́ náà kó pààrọ̀ èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà: kò sẹ́ni tó mọ iye èèyàn tó ti ní irú rẹ̀ lápò.