Ohun Tí Oníbúkà Ń Kọ fún Ayàwòrán Lógò

Ìwé àlàyé iṣẹ́ ni oníbúkà fi ń sọ ohun tó fẹ́ fún ayàwòrán aládàáni tí yóò ṣe lógò rẹ̀. Ká mú búkà alámàlà kan n'Íbàdàn. Bó bá kọ ọ́ pé "gbogbo èèyàn" ni oníbàárà òun, kò tíì sọ nǹkan kan. Bó bá ní awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń sáré wá jẹun ọ̀sán ni, ayàwòrán ti mọ̀ pé orúkọ búkà gbọ́dọ̀ ṣeé kà láti inú ọkọ̀ tó ń lọ.

Ní ti ìrísí, "kó ṣáà rẹwà" kò tó. Kó sọ pé kó jọ ilé ìyá àgbà, kó má jọ òtẹ́ẹ̀lì.

Ibi ààlà ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò fi tẹ lógò sára náílọ́ọ̀nù, kó wí i ṣáájú. Ìkòkò tí èéfín tín-ín-rín ń rú lórí rẹ̀ yóò di àbàwọ́n lásán bí wọ́n bá sún un kì sí sẹ̀ǹtímítà 2. Kó kọ iye owó, ọjọ́ ìparí àti iye ìgbà tí àtúnṣe lè wáyé. Kó sì béèrè fáìlì SVG, torí JPEG máa ń fọ́ bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ sórí pátákó ńlá.