Wúnrẹ̀n Ọ̀wọ̀ Nínú Èdè Táì: Ta Ni Ó Ń Tọ́ka Sí?

Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Èjìgbò, tọkùnrin tobìnrin ni í kí àgbà pé ‘Ẹ káàárọ̀’. Ẹni tí a ń kí ni ‘ẹ’ ń bọ̀wọ̀ fún. Kò sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni tí ń kíni. Ní ìlànà àṣà, ara ni ó ń sọ èyí: ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, obìnrin a kúnlẹ̀.

Nínú èdè Táì, ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan tí ó wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Báńkọ́kì. Obìnrin tí ń gba àlejò kí i pé ‘Sàwàdi káà’. Bí ó bá dá a padà bí ó ti gbọ́ ọ, ó ti ṣì í, nítorí wúnrẹ̀n obìnrin ni ‘káà’. ‘Sàwàdi kráp’ ni èsì ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin ni ó ń kí.

Ohùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí obìnrin bá ń béèrè ọ̀rọ̀, ‘ká’ olóhùn òkè ni yóò fi parí rẹ̀. ‘Káà’, tí ohùn rẹ̀ ti òkè wálẹ̀, wà fún ìkíni àti ìdáhùn.

Nítorí náà, kí àlejò má wo ẹni tí ó ń kí. Ara rẹ̀ ni kí ó wò.