Nígbà Tí Fóònù Bá Ń Fi Ẹnu Faransé Ka Gẹ̀ẹ́sì

Ká mú un pé oníṣòwò kan wà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí kò ríran. Yorùbá ló ń sọ nílé, Faransé ló fi kàwé, Faransé náà ló sì wà lójú fóònù Android rẹ̀. TalkBack ló ń bá a ka gbogbo ohun tó bá wà lójú fóònù náà síta. Oníbàárà rẹ̀ kan ní Èkó wá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i pé: “Send 12 bags.” Ohun tó dé etí rẹ̀ ni “sáńdì dúùsì bágì.” Ó mọ̀ pé méjìlá ni dúùsì lédè Faransé. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ní kó fi méjìlá ṣe?

Fóònù náà kò bàjẹ́. Ohùn tó ń kàwé kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà nínú èdè tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí kò bá sí ohun tó sọ fún un pé èdè ti yí padà, èdè ojú fóònù ni yóò máa tẹ̀ lé, tí yóò sì fi ẹnu Faransé pe Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sójú fóònù, àti èdè ohùn tó ń kà á. Nọ́ńbà ló máa ń tú àṣírí ohùn, torí pé bákan náà ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ 12. Bí ẹ bá fọwọ́ kan aago ojú fóònù, tó pe 12 ní dúùsì, ohùn Faransé ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá pè é ní túwẹ́ẹ̀fù, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Kí oníṣòwò wa tó lè yí ohùn padà, ohùn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ti wà lórí fóònù rẹ̀. Lórí fóònù tó ń lo ohùn Google, ibi ètò ohùn ìkàwé ni wọ́n ti ń gbà á. Bí fóònù bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì, “Text-to-speech output” ni wọ́n sábà máa ń pe ibẹ̀. English (Nigeria) wà nínú àwọn tí èèyàn lè mú, etí wa sì tètè máa ń gbọ́ ọ. Tí ohùn náà bá ti wọlé tán, kò nílò dátà mọ́ láti kàwé.

Lẹ́yìn náà, kó lọ sínú ètò TalkBack, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn ìdarí ìkàwé, kó rí i pé èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “Spoken language” wà lára wọn. Láti ìgbà náà, ìka ló kù. Kó fi ìka mẹ́ta fa ojú fóònù lọ sápá ọ̀tún títí yóò fi gbọ́ orúkọ ìdarí náà. Kó wá fi ìka kan fà á wálẹ̀ tàbí sókè títí yóò fi kan Gẹ̀ẹ́sì. Kó padà fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀: “Send túwẹ́ẹ̀fù bags.” Àpò méjìlá ni kó fi ránṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà kò ju ẹ̀yìn èyí lọ. Yíyí ohùn padà kò yí ojú fóònù padà. Bọ́tìnnì àti ìtọ́ni TalkBack fúnra rẹ̀ ṣì wà ní Faransé. “Appuyez deux fois pour activer,” tó ní kéèyàn tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ni ohùn Gẹ̀ẹ́sì yóò wá máa pè ní ìpèkúpè. Ẹni tí kò bá mọ̀dí rẹ̀ á rò pé fóònù òun ti ya wèrè. Kó ka ọ̀rọ̀ náà tán, kó sì tètè dá ohùn padà sí Faransé ló dára jù. Bó bá jẹ́ pé ètò ohùn ìkàwé lápapọ̀ ló lọ yí sí Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo fóònù ni yóò máa dún bẹ́ẹ̀ títí yóò fi padà síbẹ̀ dá a sí èdè ojú fóònù.

Ìyára náà ṣe pàtàkì. Eré tí etí rẹ̀ lè bá Faransé sá lè pọ̀ jù fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìdarí “Speech rate” wà nínú àwọn ìdarí kan náà, ó sì lè fi dín in kù.

Ti Yorùbá wá ńkọ́? Bí ohùn Yorùbá kò bá sí lórí fóònù, kò sí ìdarí tó lè dá a. Bí oníbàárà bá kọ “ọkọ̀ ti dé”, ohùn Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé kò lè gbé àmì ohùn rẹ̀ jáde. Ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ á di ọ̀kan náà létí. Fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó ní kí oníbàárà rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú WhatsApp, kó sì fi ránṣẹ́. Kó kọ iye àpò ní nọ́ńbà lọ́tọ̀, torí pé ohùn tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lè ka ìyẹn, ní Faransé ni o, ní Gẹ̀ẹ́sì ni o.