Nígbà Tí Firefox Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí: Bí A Ṣe Yọ Búkùmáàkì Kúrò Nínú Pùrófáìlì Tó Bàjẹ́

Àǹtí mi kan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìbàdàn, níbi tó ti ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tó sì ń bá àwọn àgbà tẹ ìwé. Ní ọdún mẹ́fà, ó ti fi búkùmáàkì tó sún mọ́ 400 pamọ́ sínú Firefox rẹ̀. Ojúlé ìforúkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, ojúlé àbájáde ìdánwò wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì wà nínú fódà tó fi orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, iná lọ lójijì. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú Firefox ní ṣíṣí. Nígbà tí iná dé, Firefox yọjú fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó pòórá, àpótí kékeré kan sì jáde tó ń sọ pé ó ti kú.

Àǹtí mi ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe. Wọ́n yọ Firefox kúrò, wọ́n tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà. Kò yí padà. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bákan náà ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí.

Ìdí tí àtúngbé kò fi wò ó sàn ni pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Firefox ń gbé. Ètò fúnra rẹ̀ wà níbì kan, ẹrù ẹni tó ń lò ó sì wà níbòmíràn. Ẹrù yìí ni wọ́n ń pè ní pùrófáìlì: búkùmáàkì, ìtàn ojúlé tí a ti dé, ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé, ètò tí a yàn, àti àwọn àfikún tí a so mọ́ ọn. Bí a bá tún ilé kọ́, tí a sì kó ẹrù tó ti jẹrà padà sínú rẹ̀, òórùn náà á tún bá wa níbẹ̀. Firefox kì í fọwọ́ kan pùrófáìlì nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò. Ìyẹn ló dáàbò bo búkùmáàkì àǹtí mi, òun náà ló sì jẹ́ kí àìsàn náà máa padà wá.

Kí n tó dá pùrófáìlì lẹ́bi, mo kọ́kọ́ wo bóyá àfikún ló ń fa wàhálà. Mo tẹ bọ́tìnnì Shift mọ́lẹ̀ nígbà tí mo ń ṣí Firefox. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ ṣí i ní Troubleshoot Mode, níbi tí àfikún kò ti ní ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣí dáadáa níbẹ̀, àfikún tàbí ìmúra ojú rẹ̀ la ó kọ́kọ́ fura sí. Tiwa kú níbẹ̀ náà. Ó wá ku pé kí n fi pùrófáìlì tuntun dán an wò. Mo tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, mo sì kọ èyí:

```
firefox.exe -P
```

Àpótí kan ṣí tó to orúkọ àwọn pùrófáìlì. Àǹtí mi na ìka sí ibi tí wọ́n kọ Delete Profile sí. "Ṣé kí n pa èyí tó bàjẹ́ yẹn rẹ́ ni?"

"Rárá o, mà, ẹ jọ̀ọ́. Inú rẹ̀ ni búkùmáàkì yín wà."

Bọ́tìnnì yẹn a máa béèrè bóyá kí ó pa fáìlì rẹ́ tàbí kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ Delete Files ti kó gbogbo rẹ̀ dànù nìyẹn. Create Profile ni mo tẹ̀, mo sọ ọ́ ní "Tuntun", mo sì ṣí Firefox pẹ̀lú rẹ̀. Ó dúró. Mo tì í, mo tún ṣí i ní ìgbà mẹ́ta, kò kú. Ká ní òun náà kú ni, à bá ti mọ̀ pé ẹ̀bi kò sí nínú pùrófáìlì, à bá sì wá a lọ sínú ètò náà tàbí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rù bàbà ibẹ̀ ni bí a ó ṣe kó búkùmáàkì wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da gbogbo ohun inú fódà àtijọ́ sínú tuntun. Àìsàn náà ni wọ́n kó lọ yẹn. Ohun tí a nílò nìkan ni a ó mú. Mo ti Firefox pátápátá, mo wo Task Manager kí n rí i pé kò sí èyí tó ṣì ń mí lábẹ́lẹ̀, nítorí pé fáìlì tí ètò ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ kò ṣeé dà kọ dáadáa. Lẹ́yìn náà mo ṣí ibi yìí:

```
%APPDATA%\Mozilla\Firefox\Profiles
```

Fódà àtijọ́ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà rúdurùdu ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, `.default-release` sì wà ní ìparí. Mo kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí fíláàṣì, kí a lè ní ìdúró bí ọwọ́ bá ṣì.

Fáìlì tó ń gbé búkùmáàkì àti ìtàn pọ̀ ni `places.sqlite`. N kò mú un, torí òun gan-an ni iná tó lọ lójijì lè ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n Firefox a máa ṣe àdàkọ búkùmáàkì fúnra rẹ̀, ó sì ń tọ́jú wọn sínú fódà tó ń jẹ́ `bookmarkbackups`. Mo fẹ́ràn orúkọ àwọn fáìlì yìí gan-an: ọjọ́ tí a ṣe é wà lára wọn, iye ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn tí a bá níbẹ̀ ní 393, 395 àti 397. Èyí tó tuntun jù jẹ́ ti Fúráìdè, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìjàǹbá náà. Iye wọn ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Bí a bá rí 395 kí èyí tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ 12, èyí tó kẹ́yìn ni kí a fi sílẹ̀, kí a mú èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Mo tẹ Ctrl, Shift àti O pọ̀ nínú pùrófáìlì tuntun, mo lọ sí Import and Backup, mo tẹ Restore, lẹ́yìn náà Choose File, mo sì yan fáìlì 397 yẹn. Ó kìlọ̀ pé yóò rọ́pò gbogbo búkùmáàkì tó wà níbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni ó fi yẹ kí a ṣe é kí a tó fi ohunkóhun tuntun pamọ́. Gbogbo fódà àǹtí mi padà bí wọ́n ti tò wọ́n. Àwòrán kékeré ẹ̀gbẹ́ orúkọ ojúlé kò sí lára ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ń padà bí a ti ń ṣí ojúlé náà. Ìtàn ojúlé tí wọ́n ti dé kò bá a wá. Méjì tí wọ́n fi pamọ́ lẹ́yìn Fúráìdè ni wọ́n tún wá fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé wà nínú `logins.json` àti `key4.db`. Àwọn méjèèjì ni kí a mú pọ̀ nígbà tí Firefox bá wà ní títì, torí ọ̀kan ni kọ́kọ́rọ́ èkejì, ọ̀kan ṣoṣo kò wúlò. Mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí n lè mọ̀ pé búkùmáàkì kò mú ikú padà wá. Lẹ́yìn náà ni a da àwọn àfikún padà, ọ̀kan lójúmọ́, a sì ń wò ó. Fódà àtijọ́ ṣì wà lórí fíláàṣì nínú àpò àǹtí mi, wọ́n sì ti ra bátìrì tuntun.