Ọfà Tó Kúrò Níbi Tí Wọ́n Ti Rí I: Ìdí Tí Atọ́ka Kan Fi Ń Yí Padà Lẹ́yìn Tí Ọ̀pá Ti Parí

Atọ́ka orí ṣáàtì jẹ́ ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lórí iye owó ọjà, tí ó sì ń fi èsì rẹ̀ hàn bí ìlà, àmì tàbí ọfà. Ọ̀pá-ọ̀pá ni iye owó náà ń wọlé. Lórí ṣáàtì ìṣẹ́jú 15, ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ ní 10:00 yóò parí ní 10:15, láti ìgbà náà lọ ni iye tó fi bẹ̀rẹ̀, ibi tó ga dé, ibi tó lọ sílẹ̀ dé àti iye tó parí sí kò ní yí padà mọ́. Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, kò sí ohun tó burú bí atọ́ka bá ń gòkè tó ń sọ̀, nítorí owó fúnra rẹ̀ ṣì ń rìn. Ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rípéǹtì yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pá ti parí, iye owó rẹ̀ ti dúró, síbẹ̀ ohun tí atọ́ka sọ nípa rẹ̀ tún yí padà. Ọfà tí gbogbo ènìyàn rí ní 10:15 lè di àwátì ní 11:00, tàbí kí òmíràn yọ sórí ọ̀pá tí kò ní ọfà kankan nígbà tó parí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fa èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣiríṣi ọ̀nà ló ń gbà wọlé: ìṣirò tó wà lórí ọ̀pá náà ń lo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí atọ́ka bá ń wo ọ̀pá kan àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nìkan, tí gbogbo wọn sì ti parí, kò sí ohun tí yóò mú èsì rẹ̀ yẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ ni ibi tí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ti ń rí àyè wọ inú ìṣirò. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́ hàn kedere nínú ZigZag, atọ́ka tó wà nínú MetaTrader 5 láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú fódà tí wọ́n pè ní Examples. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa ìlà láti ṣóńṣó kan sí ìsàlẹ̀ kan, kí ó tún gbéra láti ìsàlẹ̀ náà lọ sí ṣóńṣó mìíràn, kí àwọn ìrìn kéékèèké má baà dí ojú. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń darí rẹ̀: 12, 5 àti 3. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbí ni 12, tó túmọ̀ sí pé ọ̀pá kan gbọ́dọ̀ ga jù nínú ọ̀pá méjìlá tó parí sórí rẹ̀ kí ó tó lè jẹ́ ṣóńṣó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó, lórí EURUSD, ṣáàtì ìṣẹ́jú 15. Owó ń gòkè bọ̀ láti 1.0795. Ọ̀pá 10:00 kan 1.0842, ibi tó ga jù nínú ọ̀pá méjìlá, ZigZag sì gbé ṣóńṣó lé e. Ọ̀pá méjì tó tẹ̀ lé e kò ga tó bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò tó rí ṣóńṣó náà tà ní 1.0835. Ṣùgbọ́n ọ̀pá 11:00 gòkè dé 1.0851. ZigZag kò gbà kí ṣóńṣó méjì tẹ̀ léra láìsí ìsàlẹ̀ láàárín wọn, èyí tó ga jù ló sì máa ń mú. Ó pa ti 1.0842 rẹ́, ó gbé e lọ sórí 1.0851. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó wá já lulẹ̀ dé 1.0810.

Ẹni tó bá wo ṣáàtì náà ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí ìlà kan tó gbéra láti 1.0795 lọ sí 1.0851, tó sì ṣubú. Yóò rò pé atọ́ka ti kìlọ̀ fún un ní òkè téńté. Àṣìṣe àárọ̀ kò ní ipa kankan lójú ṣáàtì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà ní 1.0835 ti lè jáde pẹ̀lú àdánù kí owó tó ṣubú. Ìdí nìyí tí àwòrán ZigZag àtẹ̀yìnwá fi máa ń dára jù: gbogbo ṣóńṣó tí kò dúró ni wọ́n ti nù kúrò. A kò gbọdọ̀ bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ wọn bí ìrìn owó ti gùn tó láàárín ibi méjì tó ti kọjá, òun náà kò sì jẹ́ atọ́ka tí a fi ń wọ ọjà. Àwọn tó gbé ọfà ríra àti títà lé e lórí, tí wọ́n sì ń tà á, ló yẹ kí a bi ní ìbéèrè.

Ọ̀nà kejì farasin ju èyí lọ. Ó wà nínú àwọn atọ́ka tó jókòó sórí ṣáàtì kékeré ṣùgbọ́n tó ń ka ọ̀pá ńlá, bí èyí tó wà lórí ìṣẹ́jú 15 tó ń wo ọ̀pá wákàtí kan. Kóòdù rẹ̀ sábà máa ń rí báyìí:

```
int s = iBarShift(_Symbol, PERIOD_H1, time[i]);
double c = iClose(_Symbol, PERIOD_H1, s);
```

Ìlà àkọ́kọ́ ń wá ọ̀pá wákàtí tí ọ̀pá kékeré náà wà nínú rẹ̀, èkejì sì ń ka iye tí wákàtí náà parí sí. Níbẹ̀ ni ìṣòro wà, nítorí wákàtí náà kò tíì parí. Ká ní òfin atọ́ka ni pé ọfà ríra yóò yọ bí wákàtí bá parí sókè ju èyí tó ṣáájú lọ, àti ọfà títà bí ó bá parí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wákàtí 13:00 parí sí 1.0812. Ọ̀pá 14:00 parí sí 1.0818, ọfà ríra yọ. Ti 14:15 parí sí 1.0820, ọfà ríra tún yọ. Ti 14:30 parí sí 1.0814, ti 14:45 sì parí sí 1.0805. Nígbà tó di 15:00, wákàtí náà ti wà ní ìsàlẹ̀, ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gba ọfà títà. Ọ̀pá 14:00 wá ń fi ọfà títà hàn ní 1.0818, bẹ́ẹ̀ ní 14:15 tó parí, kò sí ẹni tó mọ̀ pé wákàtí náà yóò já sí 1.0805.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a kọ `s + 1` dípò `s`, kí atọ́ka máa ka wákàtí tó ti parí. Owó rẹ̀ ni pé ìròyìn yóò pẹ́ díẹ̀: ọ̀pá 14:45 yóò ṣì máa ka wákàtí 13:00, ọ̀pá 15:00 ni yóò kọ́kọ́ ka wákàtí 14:00. Ọ̀pọ̀ atọ́ka tó dà bí ẹni pé ó yára kàn ń kọ̀ láti san owó yìí ni.

Ohun mìíràn tún ń mú kí èyí farasin. Àwọn kóòdù kan máa ń ṣírò ọ̀pá tó kẹ́yìn nìkan nígbà tí ọjà ń lọ, wọn kì í padà sórí èyí tó ti parí. Ọfà 14:00 yóò dúró síbẹ̀ bí ó ti wà títí oníṣòwò yóò fi yí ṣáàtì sí àsìkò mìíràn kí ó tó padà. Ìgbà yẹn ni gbogbo ìṣirò yóò bẹ̀rẹ̀ látòkè, tí ọfà yóò sì fò.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá yọ sẹ́yìn ni rípéǹtì. Fractals ti Bill Williams nílò ọ̀pá méjì ní apá ọ̀tún kí ó tó gbà pé ṣóńṣó wà, nítorí náà àmì rẹ̀ máa ń yọ sórí ọ̀pá tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá méjì náà bá ti parí, àmì náà kò ní kúrò mọ́. Ó pẹ́ ni, kò yí padà. Chikou Span inú Ichimoku pẹ̀lú kàn jẹ́ iye tí ọ̀pá parí sí tí a sún sẹ́yìn ní ọ̀pá 26.

Àyẹ̀wò tó rọrùn jù kò nílò kóòdù. Bí ọ̀pá tó ní ọfà bá ti parí, kí oníṣòwò ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ, kí aago ọ̀pá náà hàn dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kí ó yí ṣáàtì sí àsìkò mìíràn, kí ó dá a padà, kí ó sì fi ojú ìwòyí wé fọ́tò. Títún ṣáàtì ṣí yìí kò ṣeé fò, nítorí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Bí atọ́ka bá ń ránṣẹ́ ìkìlọ̀, kí a ka iye ìkìlọ̀ tó dé, kí a sì ka iye ọfà tó kù lórí ṣáàtì. Bí ìkìlọ̀ bá ju ọfà lọ, ẹnì kan ti pa ọfà rẹ́.

Àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ jù ni kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ èsì sílẹ̀ ní kété tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bá parí. Ètò kékeré yìí, tó jẹ́ Expert Advisor fún MetaTrader 5, kì í ra, kì í tà. Ó kàn ń kọ̀wé:

```
int h;
datetime last = 0;
int OnInit()
{
   h = iCustom(_Symbol, _Period, "Examples\\ZigZag", 12, 5, 3);
   return(INIT_SUCCEEDED);
}
void OnTick()
{
   datetime t = iTime(_Symbol, _Period, 0);
   double b[1];
   if(t == last) return;
   if(CopyBuffer(h, 0, 1, 1, b) == 1)
   {
      Print(iTime(_Symbol, _Period, 1), " ", DoubleToString(b[0], _Digits));
      last = t;
   }
}
```

Ọ̀pá 0 ni èyí tó ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pá 1 ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òun sì ni ètò náà ń kà. Fún atọ́ka mìíràn, a ó fi orúkọ rẹ̀ àti àwọn nọ́ńbà tó ń darí rẹ̀ sí ipò ti ZigZag. Kò pọn dandan kí a ní kóòdù atọ́ka náà, fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ nìkan ti tó. Bí a bá gbé e sínú Strategy Tester, ọjà oṣù kan yóò kọjá láàárín ìgbà díẹ̀, ní ọ̀pá kan tẹ̀ lé òmíràn, atọ́ka kò sì ní rí ọjọ́ iwájú kà.

Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí ṣáàtì gangan, a ó gbé atọ́ka náà sí i, a ó sì tẹ Ctrl+D kí Data Window yọ. Bí a bá gbé àmì asin sórí ọ̀pá kan, iye atọ́ka yóò hàn níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, àkọsílẹ̀ yóò fi 1.0842 hàn fún ọ̀pá 10:00, ṣùgbọ́n ṣáàtì kò ní ní ohunkóhun níbẹ̀, nítorí òdo ni ZigZag fi ń sọ pé kò sí àmì. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí. Kí a rántí pé aago bírókà ni MetaTrader ń lò, ó sì lè yàtọ̀ sí aago Nàìjíríà.

Ìyàtọ̀ ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn lẹ́yìn ẹsẹ̀ kì í ṣe rípéǹtì. Àwọn ìlà ìpíndọ́gba kan ń gbé gbogbo ìtàn ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀ ka, bí ṣáàtì bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mìíràn, iye wọn yóò yẹ̀ díẹ̀. Ọfà tó kúrò tàbí tó yí orí padà ni a ń wá.

Àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ gùn tó. Atọ́ka tó ń ka wákàtí yóò fi ara hàn láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n èyí tó ń ka ọ̀pá ọ̀sẹ̀ nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí àkọsílẹ̀ bá sì ṣófo nígbà tí ọfà wà lójú ṣáàtì, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà àpótí tí ètò náà ń kà, èyí tó jẹ́ 0 nínú kóòdù òkè yìí, kọ́ ni ọfà wà, kí a gbìyànjú 1 àti 2. Bí ìyẹn náà bá ṣófo, ó lè jẹ́ pé atọ́ka náà ya ọfà rẹ̀ bí àwòrán lásán, tí CopyBuffer kò lè kà. Fọ́tò ojú ẹ̀rọ nìkan ló kù fún irú wọn, àárín wọn sì ni a ti sábà ń rí àwọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ láti pa ọfà tó pàdánù rẹ́.