Dígí aago ọwọ́: èwo ni kí ẹ mú?

Níbi iṣẹ́, iyanrìn ló ń ba ojú aago jẹ́ jù. Ó le ju dígí mineràlì àti akirílíìkì lọ. Safíì nìkan ni kò lè ha. Àmọ́ bí safíì bá já lu sìmẹ́ńtì, ó lè fọ́, owó tí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀ sì lè ju owó aago olówó pọ́ọ́kú lọ. Mineràlì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ha, pípààrọ̀ ló kù.

Akirílíìkì tètè ń ha, lóòótọ́. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sórí aṣọ rírọ̀, ẹ fi ra á yípo fún ìṣẹ́jú 5: ìlà tín-ín-rín á pòórá, èyí tó jìn ò ní lọ. Ẹ fi èékánná kàn án wò. Kì í dún bíi dígí. Másọ̀n tó bá bi mí, akirílíìkì ni màá ní kó mú.